Àpótí Ìmọ̀: Ẹnìkan-mú-ẹnìkan-wá

Kò sí ìwé tí a kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń gún abẹ́rẹ́ oògùn olóró sí, nítorí náà olùṣèwádìí kò lè fi ìbò yan olùkópa láàárín wọn. Yóò wá ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó gbà láti sọ̀rọ̀, àwọn yẹn á sì pe ojúlùmọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ló ń fi àwọn tó kù lọ́kàn balẹ̀ pé kì í ṣe ọlọ́pàá ló ń bọ̀. Ọ̀nà mìíràn kì í sábà rí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ ni wọ́n ń tètè pè. Ẹni tó ń dá lo tirẹ̀ nínú yàrá kò ní hàn. Bí 60 nínú 100 tí a rí bá ń yá ara wọn ní abẹ́rẹ́, a kò lè torí ìyẹn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí.

Ní 1997, olùṣèwádìí Douglas Heckathorn gbé àtúnṣe kan sí ọ̀nà yìí jáde láti inú iṣẹ́ rẹ̀ ní Kònẹ́tíkọ̀tì, Amẹ́ríkà: ìwé ìpeni mélòó kan péré ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ń gbà, kí ọ̀wọ́ ọ̀rẹ́ kan má baà gba gbogbo àyè. Ìyẹn náà kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Bí o bá lo ọ̀nà yìí, kọ irú àwọn tí o fi bẹ̀rẹ̀ sínú àbọ̀ rẹ.