Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kì í Ṣe ti Gbogbo Ènìyàn

Láìpẹ́ yìí ni mo ń gbọ́ ètò kan lórí rédíò ní Àjàṣẹ́, níbi tí atọ́kùn ètò ti ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ àwọn olùgbọ́, ni ó bá kan ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń bẹ àgbà ìjòyè tó jẹ́ àlejò wọn pé kí ó bá òun dá sí ọ̀ràn ilẹ̀. Èdè Faransé ni ọmọ náà fi kọ ọ́, `stp` ni ó sì fi ṣíwájú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Atọ́kùn tú u sí Yorùbá bí ó ti wà gan-an, ó ní: “Bàbá, jọ̀ọ́, bá mi dá sí i.” Ọ̀rọ̀ náà ha mí létí bí egungun ẹja ti í ha ni lọ́nà ọ̀fun, bẹ́ẹ̀ ni atọ́kùn kò sì jẹ̀bi, nítorí ohun tí ọmọ náà kọ ni ó kà.

Ẹ jẹ́ kí a tú lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà wò. `stp` ni `s'il te plaît`, `svp` sì ni `s'il vous plaît`. Ẹ̀bẹ̀ kan náà ni méjèèjì, ṣùgbọ́n `te` ni a ń pe ẹnì kan tí a lè wí fún pé “ìwọ”, `vous` sì ni ti ẹni tí a ní láti pè ní “ẹ̀yin”. Lẹ́tà kan ṣoṣo, `t` tàbí `v`, ni ó gbé gbogbo ọ̀wọ̀ náà rù. Bí o bá mú ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dúró níwájú ìjòyè kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ tán pátápátá, kò jẹ́ sọ `te`, nítorí a kọ́ ọ nílé, a sì kọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dì mọ́ra di lẹ́tà mẹ́ta, ojú rẹ̀ kò rí ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ́, ó kàn mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Ibi tí àìdára ìkékúrú yìí wà gan-an nìyẹn: kì í ṣe pé ó kúrú, bí kò ṣe pé ó fi ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó ń sọ ọ́.

Pé kíkékúrú fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrífín, ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Mélòó ni káàdì ìpè ìgbéyàwó tí a ti gbà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó tí kò ní RSVP nísàlẹ̀? Èdè Faransé ni, `répondez s'il vous plaît`, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fèsì. `svp` wa náà ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ẹni ńlá ti ń kọ ọ́ sí ẹni ńlá. Ó gé ọ̀rọ̀ kúrú, ṣùgbọ́n kò gé “ẹ̀yin” kúrò.

Ìdí sì wà tí àwọn ọmọ fi fẹ́ràn ìkékúrú nígbà kan. Lórí fóònù onínọ́ńbà àtijọ́, bí a bá fẹ́ kọ lẹ́tà s, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a ó tẹ bọ́tìnnì 7. `beaucoup` gba ìtẹ̀ 16, `bcp` gba 6 péré. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò sì lè ju àmì 160 lọ, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà î tó wà nínú `plaît` kò sí nínú ábídí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣètò fún un. Ẹni tó bá fi í sí i, 160 rẹ̀ di 70 lójú ẹsẹ̀, owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ni ó sì lè san. Ohun kan náà ni ẹ, ọ àti ṣ tiwa ń fà. Nítorí náà ẹni tó kọ `stp` nígbà náà ń ṣọ́ owó àpò rẹ̀ ni, a kò sì lè bá a wí. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí lẹ́tà wà lójú fóònù lódindi, tí Wasáàpù kò sì ka àmì gba owó, ìdí ti lọ, àṣà ni ó kù.

Ẹ wo irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ sí ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tó bá ń bèèrè ìwé ẹ̀rí:

```
Bjr Mr le directeur, stp pouvez-vous m'envoyer mon attestation ? Merci bcp.
```

Ó pe ọ̀gá náà ní “ìwọ” nínú `stp`, kò tíì mí tí ó fi pè é ní “ẹ̀yin” nínú `pouvez-vous`. Ẹni tó bá ń kà á mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé òǹkọ̀wé kò gbọ́ ohun tí ọwọ́ òun ń sọ. `Mr` pàápàá, ti Gẹ̀ẹ́sì ni. `M.` ni Faransé ń lò, a kì í sì ké oyè kúrú nígbà tí a bá ń pe olóyè fúnra rẹ̀. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyí:

```
Bonjour Monsieur le Directeur, pourriez-vous, s'il vous plaît, m'envoyer mon attestation ? Merci beaucoup.
```

Ọ̀rọ̀ wá ku ti òbí, ibẹ̀ ni ó sì ti díjú. Ní ilẹ̀ Faransé, `tu` ni ọmọ ń pe bàbá àti ìyá rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ìfẹ́ ni wọ́n sì kà á sí. `stp, papa` kò ní àbùkù kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Kétu tàbí ọmọ Sábẹ̀ẹ́ tí ń kọ̀wé sí bàbá rẹ̀, tí bàbá náà yóò sì fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, kò yẹ kí ó fi òfin ilẹ̀ mìíràn tú ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ká. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá fúnra rẹ̀ ni ó fi `tu` kọ́ ọmọ ní Faransé, mo gbà pé ẹjọ́ ti parí, kí ọmọ máa kọ `stp` rẹ̀ lọ. Láìsí ìyọ̀ǹda yẹn, `svp` ni.

`bcp` kò ní ẹnikẹ́ni nínú tó lè rí fín, nítorí “púpọ̀” lásán ni, ó sì ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí fóònù tó dé. Ibi tí kò ti bójú mu ni ẹ̀yìn `merci`. Àwa tí a ń dúpẹ́ lónìí, tí a tún ń jí lọ kí olóore ní “ẹ kú àná” lọ́la, báwo ni a ó ṣe sọ pé ọpẹ́ wa pọ̀, kí a sì gé ibi tí ó ti pọ̀ gan-an kúrú? Láàárín ọ̀rẹ́, kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tó san owó ilé-ìwé rẹ, kọ ọ́ tán.

Ní ti `mdr`, `mort de rire`, ẹni tí ẹ̀rín pa, kò ṣàjèjì sí wa, àwa tí a ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan “pa mí lẹ́rìn-ín”. Ó ti borí láàárín àwọn ẹgbẹ́, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá kì í dárúkọ ikú ara rẹ̀ sétí òbí bí ẹni ń ṣeré, a kì í sì í rẹ́rìn-ín àpalẹ̀ lójú àgbà tí kò tíì rẹ́rìn-ín. Nínú ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ti ń kéde òkú láàárọ̀, tí wọ́n sì ń ṣàwàdà lálẹ́, ó rọrùn kí `mdr` bọ́ sábẹ́ ìkéde tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ fún mi pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo ẹni tí òwe náà fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu: àgbà ni ó ń fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, nítorí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọgbọ́n ọmọ náà. Ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ àgbà, odindi ni ó yẹ kí ó gbé wá; bí ó bá sì di dandan kí ó ké e kúrú, kí ó fi `v` sílẹ̀ sí ipò rẹ̀.