Ìwé Gbèsè Lábẹ́ Ilẹ̀kùn

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìwé tí ẹgbẹ́ olùgbé ẹ́sítéètì ń tì bọ abẹ́ ilẹ̀kùn ẹni tó jẹ wọ́n ní sáfíìsì ṣáàjì, àgbọ́tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó gbà á sábà máa ń wo ohun méjì péré: iye tí wọ́n ní òun jẹ, àti ìyà tí wọ́n fẹ́ fi jẹ òun. Inú á bí i, á ju ìwé náà sórí fíríìjì, ó di ọjọ́ tí kóòdù àlejò rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ ní géètì. Ohun kẹta tó wà nínú ìwé ọ̀hún ló yẹ kó kọ́kọ́ wò, ìyẹn ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Mo ti ṣe akápò ẹ́sítéètì rí l'Ékòó, mo sì mọ̀ pé àwọn tí ìtanràn máa ń bá kì í sábà jẹ́ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Àwọn tó dákẹ́ ni.

Kí ẹ tó sọ pé ẹ jẹ, tàbí pé ẹ ò jẹ, ẹ ní kí akápò fún yín ní àlàyé owó náà ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ká ní ìwé tó dé bá ayálégbé kan sọ pé ó jẹ ₦285,000. Nígbà tó béèrè àlàyé, wọ́n fi hàn án pé sáfíìsì ṣáàjì oṣù mẹ́sàn-án ni, ₦25,000 lóṣù, èyí tó jẹ́ ₦225,000. Ìyókù, ₦60,000, jẹ́ owó tí wọ́n bù lé ilé kọ̀ọ̀kan láti fi ra tránsífọ́mà tuntun. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yà sí méjì. Owó máígáàdì, owó dísù, owó kíkó pàǹtí àti iná òpópónà, ẹni tó ń gbé inú ilé ló ń jẹ àǹfààní wọn, òun náà ló sì yẹ kó san wọ́n. Tránsífọ́mà yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ayálégbé bá ti kó jáde. Àfi tí ìwé àdéhùn ilé bá sọ pé ayálégbé ni yóò san irú owó bẹ́ẹ̀, onílé ló yẹ kí akápò fi ìwé ₦60,000 yẹn ránṣẹ́ sí.

Ó ku ₦225,000. Arákùnrin yìí rántí pé ìyàwó òun ti fi ₦50,000 ránṣẹ́ láti báńkì lóṣù kejì ọdún. Lóòótọ́, owó náà wọlé, ṣùgbọ́n orúkọ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó ló bá wọlé, kò sí nọ́ńbà ilé lára rẹ̀, akápò kò sì mọ ilé tí yóò kọ ọ́ sí. Kò sí akápò tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, owó tó wà ní báńkì tí kò ní olówó. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ báńkì, èyí tó gbé ọjọ́, iye àti orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ jáde, kí ẹ sì mú un fún akápò pẹ̀lú ìwé kékeré tí ẹ fọwọ́ sí. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa kọ nọ́ńbà ilé àti oṣù tí ẹ ń san sára owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Bí akápò bá ti kọ ₦50,000 náà sílẹ̀, gbèsè di ₦175,000.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń san sáfíìsì ṣáàjì pọ̀ mọ́ owó ilé fún onílé tàbí ajẹ́ńtì rẹ̀, tí ajẹ́ńtì ò sì fi í jíṣẹ́. Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé kí onílé tàbí aṣojú tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ fún ayálégbé ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. (Òfin yìí yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, nítorí náà ìwé àdéhùn ni kí àwọn ará ibẹ̀ dì mú.) Ẹ fi rìsíìtì yẹn han ẹgbẹ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tútù ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ gbígbóná ní ń yọ ọfà lápó. Kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, arákùnrin wa kọ̀wé sí ẹgbẹ́: òun gbà pé òun jẹ ₦175,000, òun ń san ₦55,000 lónìí, òun yóò sì san ₦120,000 tó kù láàárín oṣù mẹ́rin. Ìyẹn ₦30,000 lóṣù, pẹ̀lú ₦25,000 ti oṣù tó bá wọlé, ₦55,000 lápapọ̀. Ẹ má fo ti oṣù tó ń wọlé yẹn o. Ibẹ̀ ni àdéhùn púpọ̀ ti ń bàjẹ́: onítọ̀hún ń san gbèsè àtijọ́ déédéé, tuntun sì ń ga sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí alága tàbí akọ̀wé fọwọ́ sí i pé ìtanràn yóò dúró níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ń san án bí ẹ ti wí. Ìlérí orí Wáṣáàpù kò tó, alága lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin aláṣẹ ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Àgbà òṣìkà ni agbẹjọ́ ẹnìkan dá: ẹ pe ẹni tó jẹ gbèsè kó wá sọ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó fìyà jẹ ẹ́. Iye ìtanràn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ kí gbèsè tó wáyé, kì í ṣe èyí tí wọ́n dìbò fún ní ìpàdé àná nítorí ẹnìkan. Ohun tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ nìkan lẹ lè fawọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, bíi kóòdù àlejò tàbí sítíkà ọkọ̀. Ẹ kò lè ti géètì mọ́ ẹni tó ń lọ sílé ara rẹ̀, ẹ kò sì lè gbé ẹrù rẹ̀. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Agbai àti Okogbue, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá télọ̀ kan láre, tí ẹgbẹ́ kan ní ìlú rẹ̀ gba ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ torí pé ó kọ̀ láti san owó ẹgbẹ́ tí kò wù ú láti wọ̀. Ẹjọ́ yẹn kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa lo ẹ̀ṣọ́ àti iná lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá tó bá ti fọwọ́ sí àdéhùn pé òun yóò máa san án. Ohun tó fi kọ́ wa ni pé gbígba nǹkan oníǹkan kì í ṣe ọ̀nà láti gba gbèsè. Lójú tèmi, kíkọ orúkọ àwọn ajigbèsè sórí Wáṣáàpù gbogbo ẹ́sítéètì náà kò mọ́gbọ́n dání: ẹni tí ẹ ti dójú tì kì í tún yá láti sanwó.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, ẹ gbé e lọ sí Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń làjà láìgba kọ́bọ̀. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ ó sì tún máa kí ara yín láàárọ̀. Bí ìyẹn náà bá kùnà, kóòtù àwọn gbèsè kéékèèké ti wà l'Ékòó láti 2018, fún gbèsè tí iye rẹ̀ dájú tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó ránṣẹ́ kí wọ́n tó lọ síbẹ̀. Iye tí ẹ bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ìwé akápò mu, torí ₦50,000 tí ẹ kò kọ sílẹ̀ tó láti sọ gbogbo ẹjọ́ yín di yẹpẹrẹ.

Ẹni tó bá san èyí tó kẹ́yìn, kó gba ìwé pé òun kò jẹ gbèsè mọ́, kó sì ní kí akápò pe ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ lójú òun, kó fa ìlà pa nọ́ńbà ilé òun nínú ìwé àwọn ajigbèsè tó wà ní géètì. Ẹ̀ṣọ́ alẹ́ kò mọ akápò, ìwé yẹn ló mọ̀.