Àkàbà Kan, Igun Méjì: Bí Sáìnì Ṣe Ń Di Kọ́sáìnì

Ẹ jẹ́ ká gbé àkàbà kan ti ògiri tó dúró ṣánṣán. Àkàbà náà gùn ní mítà 5, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi mítà 3 jìnnà sí ìdí ògiri. Bí ẹ bá wọn ibi tí orí rẹ̀ ti kan ògiri, mítà 4 ni ẹ ó bá a láti ilẹ̀. Àwọn bíríkìlà mọ 3, 4, 5 yìí dáadáa, nítorí òun ni wọ́n fi ń yẹ igun ilé wò bóyá ó ti di skúwíà kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ilẹ̀, ògiri àti àkàbà ti di onígun mẹ́ta kan báyìí. Igun tó wà níbi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ jẹ́ dìgírì 90. Méjì tó kù ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: ọ̀kan wà nísàlẹ̀, láàárín àkàbà àti ilẹ̀, èkejì wà lókè, láàárín àkàbà àti ògiri.

Onígun mẹ́ta yòówù kẹ́ ẹ yà sórí pépà, bí ẹ bá ro igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, dìgírì 180 ni wọn yóò jẹ́. Nínú tiwa yìí, igun ìdí ògiri ti kó 90 lọ. 90 tó ṣẹ́kù ni igun ìsàlẹ̀ àti igun òkè jọ ń pín. Bí ti ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 60, 30 ni tòkè. Bí ẹ bá ti ẹsẹ̀ àkàbà sún mọ́ ògiri títí igun ìsàlẹ̀ fi di 75, tòkè á dín kù sí 15. Bí a kò bá tíì mọ iye ti ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní x. Tòkè kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju 90° − x lọ. Igun méjì tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 90 báyìí ni a ó máa pè ní igun àṣekún ara wọn. Ní ti àkàbà wa, igun ìsàlẹ̀ tó nǹkan bíi dìgírì 53, tòkè sì tó nǹkan bíi 37.

Sáìnì igun kan kì í ṣe ohun awo, ìpín lásán ni. Ẹ mú gígùn ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun náà, kí ẹ fi gígùn ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù pín in. Kọ́sáìnì náà, ìpín ni: gígùn ẹ̀gbẹ́ tó fara ti igun náà ni ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù pín. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù ni èyí tó dojú kọ igun 90. Níbí, àkàbà fúnra rẹ̀ ni.

Ibi tó yẹ ká dúró lé díẹ̀ nìyí, torí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń jẹ́ “adojúkọ” láti ilé bàbá rẹ̀ wá. Ibi tí ẹni tó ń wò ó bá dúró sí ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ dúró sí ìdí àkàbà: ògiri ló dojú kọ yín lọ́ọ̀ọ́kán, ilẹ̀ ló sì fara tì yín. Nítorí náà, sáìnì igun ìsàlẹ̀ jẹ́ 4/5, ìyẹn 0.8, kọ́sáìnì rẹ̀ sì jẹ́ 3/5, ìyẹn 0.6. Ẹ wá gun àkàbà náà dókè, kí ẹ bojú wo ìsàlẹ̀. Ògiri tó dojú kọ yín lẹ́ẹ̀kan ló fara tì yín báyìí, ilẹ̀ ló wá dojú kọ yín. Sáìnì igun òkè jẹ́ 3/5, kọ́sáìnì rẹ̀ sì jẹ́ 4/5.

Àkàbà kò yí padà, ògiri kò sún, ilẹ̀ kò gùn sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń wò ó nìkan lẹ kúrò lójú kan bọ́ sí òmíràn. Ilẹ̀ 3 yẹn kan náà ni a fi àkàbà 5 yẹn kan náà pín nígbà tí a wá kọ́sáìnì ìsàlẹ̀ àti nígbà tí a wá sáìnì òkè. Báwo ni èsì méjèèjì kò ṣe ní bára mu? Igun òkè sì rèé, 90° − x ni a pè é. Ohun tí a rí lókè yẹn ni wọ́n ń kọ báyìí:

sin(90° − x) = cos x

Bákan náà ni ti ògiri: cos(90° − x) = sin x. Kò sì kan 3, 4, 5 nìkan. Bí àkàbà bá gùn tó mítà 7 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà níbi tó wù ú, ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun kan ni yóò máa fara ti èkejì, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjì péré ló kù lẹ́yìn tí a bá ti yọ àkàbà sápá kan.

Orúkọ kọ́sáìnì fúnra rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí dání. Edmund Gunter, tó jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Kọ́lẹ́jì Gresham ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé tébù kan jáde ní 1620. “Sáìnì àṣekún” ni àwọn onímọ̀ ń lò tẹ́lẹ̀ lédè Látìnì. Òun ló gé e kúrú sí co.sinus. Kọ́sáìnì igun kan kò ju sáìnì igun àṣekún rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ṣì ní ìwé tébù oní-dígíìtì mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń mú wọ gbọ̀ngàn ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì, lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ ṣí ojú ewé sáìnì, kí ẹ wá dìgírì 20: 0.3420 ló wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ti kọ́sáìnì, kí ẹ wá 70: 0.3420 kan náà ni. Sáìnì 35 jẹ́ 0.5736, kọ́sáìnì 55 náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní tòótọ́, tébù kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé yẹn, ọ̀kan láti òkè wá sílẹ̀, èkejì láti ilẹ̀ lọ sókè. Òun náà ló fà á tí wọ́n fi ń kìlọ̀ lórí tébù kọ́sáìnì pé kí a yọ iye inú òpó kékeré apá ọ̀tún kúrò, kí a má rò ó mọ́ ọn. Bí igun ìsàlẹ̀ bá ń ga sí i, igun àṣekún rẹ̀ ń rẹlẹ̀ ni, kọ́sáìnì sì ń bá a rẹlẹ̀. Àìmọye máàkì ló ti ṣòfò sí òpó kékeré yẹn.

Táńjẹ́ǹtì àti kọtáńjẹ́ǹtì kò ní dá wa dúró pẹ́. Táńjẹ́ǹtì ni ẹ̀gbẹ́ adojúkọ tí a fi ẹ̀gbẹ́ tó fara tini pín. Kọtáńjẹ́ǹtì ni ìpín yẹn tí a yí lórí kodò. Láti ìsàlẹ̀, táńjẹ́ǹtì jẹ́ 4/3. Láti òkè, kọtáńjẹ́ǹtì jẹ́ 4/3. Síkáńtì àti kosíkáńtì náà jọ ń rìn bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn rí sin(90° − x) kó sì kọ sin 90° − sin x. Ẹ fi 30 dípò x. Sáìnì 90 jẹ́ 1, sáìnì 30 jẹ́ 0.5, bí a bá yọ ọ́, 0.5 ló kù. Ṣùgbọ́n sáìnì 60, tí í ṣe 90 dín 30, jẹ́ 0.8660, kọ́sáìnì 30 náà sì nìyẹn. Inú àkámọ́ ni a ti ń kọ́kọ́ yọ igun kúrò lára igun, kí a tó wá sáìnì ohun tó bá kù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìbéèrè kan tó máa ń jáde: kí ni x, bí sin(2x + 10°) = cos(x + 20°)? Sáìnì igun kan bá kọ́sáìnì igun mìíràn dọ́gba. Nígbà náà igun méjèèjì lè jẹ́ àṣekún ara wọn. Ẹ rò wọ́n pọ̀: 2x + 10 àti x + 20 jẹ́ 3x + 30. Bí wọ́n bá jẹ́ àṣekún, ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ 90, nítorí náà 3x jẹ́ 60, x sì jẹ́ 20. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: sáìnì 50 jẹ́ 0.7660, kọ́sáìnì 40 jẹ́ 0.7660. Bí kakulétọ̀ yín bá gbé −0.2624 jáde fún sáìnì 50, kì í ṣe pé ẹ ṣìṣe. RAD ló wà lójú rẹ̀, ẹ yí i sí DEG.

Ẹni tó bá ní sùúrù yóò rí i pé x = 100 náà bá ìbéèrè yẹn mu: sáìnì 210 jẹ́ −0.5, kọ́sáìnì 120 náà jẹ́ −0.5. Àpapọ̀ 210 àti 120 kì í sì í ṣe 90. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé “lè jẹ́”. Onígun mẹ́ta wa kò lè ṣàlàyé èyí, torí pé kò sí àkàbà tó lè fi ara ti ògiri ní dìgírì 120. Òbírí ni a ó yà.

Ẹ ya òbírí kan tí ìwọ̀n rẹ̀ láti àárín dé etí jẹ́ 1. Ẹ fi ìlà kan lọ síhà ìlà-oòrùn láti àárín, ẹ fi òmíràn lọ síhà àríwá. Bí ẹ bá gbéra láti ìlà-oòrùn tí ẹ rìn lọ́nà àríwá tó dìgírì x ní etí òbírí, kọ́sáìnì x ni bí ẹ ṣe jìnnà síhà ìlà-oòrùn tó, sáìnì x sì ni bí ẹ ṣe ga síhà àríwá tó. Kí wá ni igun 90° − x? Ó jẹ́ kí ẹ gbéra láti àríwá, kí ẹ sì rìn padà síhà ìlà-oòrùn tó dìgírì x. Ìrìn kan náà ni, ibi ìgbéra àti ibi ìkọjúsí nìkan ló gba ipò ara wọn. Bí ẹ bá ṣẹ́ pépà náà po lórí ìlà dìgírì 45, àríwá á sùn lé ìlà-oòrùn, ojú àmì àkọ́kọ́ á sì bọ́ sórí ti èkejì gẹ́lẹ́. Ohun tó jẹ́ jíjìnnà fún ọ̀kan ti di gíga fún èkejì.

Àlàyé yìí kò béèrè pé kí x kéré ju 90 lọ. Ẹ gbìyànjú 120. Láti ìlà-oòrùn, ìrìn 120 á kọjá àríwá bọ́ síhà ìwọ̀-oòrùn, jíjìnnà rẹ̀ sì jẹ́ −0.5. Láti àríwá, ìrìn 120 á kọjá ìlà-oòrùn bọ́ sísàlẹ̀, síbi tí dìgírì −30 wà, gíga rẹ̀ sì jẹ́ −0.5, bíi ti 210 gẹ́lẹ́. 90 dín 120 náà ni −30.