Owó Ọwọ́ Yàtọ̀ sí Owó Ẹnu: Ìmọ̀ràn Lórí Kíkọ Ìjábọ̀ Àsè Ìkówójọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Irú ààlà bẹ́ẹ̀ ni akọ̀wé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà nígbà tó bá ń kọ ìjábọ̀ àsè ìkówójọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ tó ń sọ iye èèyàn tó wá, iye owó tó wọlé, iye tí wọ́n ná àti ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ rí kọ́. Ìdí ni pé owó oríṣi méjì ló máa ń wà níbi irú àsè bẹ́ẹ̀: owó ọwọ́, èyí tó ti wọ báǹkì, àti owó ẹnu, èyí tí àlejò ṣèlérí lójú agbo ṣùgbọ́n tí kò tíì san.

Bí àpẹẹrẹ, kí a gbà pé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ní Ìbàdàn se àsè alẹ́ láti fi kówó ilé ìkàwé jọ, tí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì 160 ní ₦20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn àlejò sì ṣèlérí ₦5,000,000, ṣùgbọ́n tí ₦1,800,000 péré nínú ìlérí náà ti wọlé. Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ pé àsè náà pa ₦8,200,000, owó ẹnu ti jẹ oko owó ọwọ́ nìyẹn, nítorí ₦5,000,000 ló wà nílẹ̀: ₦3,200,000 ti tíkẹ́ẹ̀tì àti ₦1,800,000 yẹn. ₦3,200,000 tó kù nínú ìlérí gbọ́dọ̀ ní ojú ewé tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣèlérí, ọjọ́ tó dá àti ẹni tí yóò máa rán an létí. Kí akápò sì fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé ìwé báǹkì kó tó sọ pé ẹnikẹ́ni ti san.

Ní ti ìnáwó, bí oúnjẹ, gbọ̀ngàn, eléré àti ìwé títẹ̀ bá gba ₦2,400,000, ₦2,600,000 ni èrè gidi, ìyẹn owó tó ṣẹ́kù fún ilé ìkàwé, èyí tó fi hàn pé kọ́bọ̀ 48 ni wọ́n ná lórí náírà kọ̀ọ̀kan tó wọlé.

Ní ti ẹ̀kọ́ tí ẹgbẹ́ rí kọ́, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹnu ọ̀nà bá fi hàn pé 140 èèyàn ló wá, nígbà tí wọ́n ti ní kí alásè se abọ́ oúnjẹ 160 ní ₦9,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, abọ́ 20 tó ṣẹ́kù ti gbé ₦180,000 lọ. Kí ìjábọ̀ má wulẹ̀ sọ pé "a ó túbọ̀ múra sílẹ̀". Kí ó sọ pé lọ́dún tó ń bọ̀, akọ̀wé yóò pe gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó fún alásè ní iye abọ́.

₦2,600,000 tó wà ní báǹkì lè ra búlọ́ọ̀kù. ₦8,200,000 tí wọ́n kàn kọ sínú ìjábọ̀ kò lè ra ẹyọ kan.