Àárẹ̀ Àpọ̀jù Iṣẹ́: Bí Ọ̀gá Ṣe Lè Tètè Rí I Lára Àwọn Òṣìṣẹ́, àti Bó Ṣe Lè Dín In Kù

Nínú ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa, nọ́ọ̀sì kan, olùkọ́ kan tàbí akọ̀wé kan wà tó máa ń jáde ní kùtùkùtù, tí yóò sì wọlé lálẹ́ láìlè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn nínú wa sì jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí àwọn èèyàn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ tòní wà fún apá méjèèjì. A fẹ́ wo àárẹ̀ tí àpọ̀jù iṣẹ́ máa ń fà, bó ṣe máa ń mú odidi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, àti ohun tí ọ̀gá lè ṣe sí i. Àpẹẹrẹ tí a ó lò ni ti àwọn nọ́ọ̀sì inú wọ́ọ̀dù kan, nítorí pé ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ń lọ sí òkè òkun lóde òní, iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ sì ń wọ ọrùn àwọn tó kù.

Irú àárẹ̀ wo ni?

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé àárẹ̀ yìí kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Ó jẹ́ ohun tí wàhálà ibi iṣẹ́ máa ń fà nígbà tó bá pẹ́ lára, tí a kò sì wá nǹkan ṣe sí i. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé okun ara àti ti ọkàn yóò tán. Èkejì ni pé ọkàn òṣìṣẹ́ yóò kúrò lára iṣẹ́ náà, yóò máa fi ojú tín-ín-rín wò ó, tàbí kó máa bínú sí i. Ẹ̀kẹta ni pé kò ní lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa mọ́ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, òun náà yóò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àárẹ̀ lásán yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tó rẹ̀ lásán, bó bá sùn dáadáa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ara rẹ̀ yóò yá. Ẹni tí àpọ̀jù iṣẹ́ ti mú lè lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan kó sì dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tó bá padà ni gbogbo rẹ̀ yóò tún dé. Iṣẹ́ tó fà á ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ìsinmi nìkan kì í fi wò ó.

Àmì tó máa ń hàn lára ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́

Àwọn òṣìṣẹ́ kì í sábà sọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n dé ojú ẹ̀. Bí ọ̀gá bá béèrè, “A wà dáadáa, mà” ni wọn yóò sọ, nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù kí a má pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ìyípadà nínú ìwà wọn ni kí ọ̀gá máa wò. Nọ́ọ̀sì tó máa ń pe aláìsàn ní “Bàbá” tàbí “Ìyá” yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “bẹ́ẹ̀dì keje”. Ẹni tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn yóò kàn dákẹ́. Wọn kò ní kọ àkókò tí wọ́n fún aláìsàn lóògùn sínú ìwé, tàbí kí wọ́n gbàgbé láti wọn ìfúnpá. Ìjà yóò máa ṣẹlẹ̀ lórí ẹni tó máa ṣiṣẹ́ òru. Ẹni tí kì í ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ yóò máa gba ààyè lemọ́lemọ́, bí ẹ̀fọ́rí bá lọ, inú rírun a dé.

Ẹ má ṣe wá àmì yìí lára ẹni tó ń ráhùn nìkan. Ẹni tó múra sí iṣẹ́ jù, tí kì í gba ìsinmi, tó máa ń bá gbogbo èèyàn dí àyè wọn, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rẹ̀, òun náà ni ọ̀gá sì máa ń mọ ti ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Bí àmì yìí bá hàn lára ẹnì kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ń ṣe é nílé, tàbí pé ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n bó bá hàn lára èèyàn méjì tàbí mẹ́ta láàárín oṣù kan náà, iṣẹ́ ni kí ọ̀gá yẹ̀ wò, kì í ṣe ìwà wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀

Ká sọ pé wọ́ọ̀dù kan ní bẹ́ẹ̀dì 20. Iṣẹ́ òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti agogo mẹ́jọ títí di méjì ọ̀sán, ti ọ̀sán láti agogo méjì títí di mẹ́jọ alẹ́, ti òru sì láti agogo mẹ́jọ alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ tí agogo mẹ́jọ tún lù. Nọ́ọ̀sì méjì ló máa ń wà níbẹ̀ nígbàkigbà. Ìyẹn jẹ́ wákàtí iṣẹ́ 48 lójúmọ́, àti 336 lọ́sẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì mẹ́jọ wà, wákàtí 42 ló ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí mẹ́ta lọ, tó ku márùn-ún, ó di wákàtí 67. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí wọ́n fi wákàtí 25 kún un. Ó kàn wọlé wẹ́rẹ́ ni, nítorí pé wọn kò tún rósítà ṣe. Mátírọ́ọ̀nù tó bá ṣe ìṣirò yìí yóò rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ ìyànjú tó lè gbé wákàtí 25 kúrò lọ́rùn èèyàn.

Kí ló lè ṣe? Yóò kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ṣe sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò sì fa ìlà sí abẹ́ èyí tí kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì: wíwá káàdì aláìsàn, lílọ gba oògùn wá, kíka aṣọ bẹ́ẹ̀dì, títọ́ àwọn ẹbí aláìsàn sọ́nà lọ síbi tí wọ́n ti ń sanwó. Akọ̀wé kan àti olùrànlọ́wọ́ wọ́ọ̀dù lè gba gbogbo ìwọ̀nyí.

Lẹ́yìn náà, yóò bá onílé ìwòsàn sọ ọ́ kí wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ pa fún ìgbà díẹ̀, kó ku 12. Èyí máa ń dun onílé ìwòsàn nítorí owó, ṣùgbọ́n ìtọ́jú aláìsàn 20 kò lè jẹ́ iṣẹ́ èèyàn díẹ̀ tó ti rẹ̀ kí àṣìṣe má wọ̀ ọ́. Nígbà tí aláìsàn bá ti dín kù, nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ lè ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, bí ara àwọn aláìsàn náà kò bá le jù. Wákàtí iṣẹ́ di 294 lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá rí nọ́ọ̀sì méjì tó lè máa wá ṣe òru méjì méjì lọ́sẹ̀, wákàtí 48 kúrò nínú rẹ̀. Ó ku 246. Bí a bá pín in fún àwọn márùn-ún, ó di nǹkan bíi wákàtí 49. Ó ṣì ju 42 lọ, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ wíwá nọ́ọ̀sì kẹfà dúró. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, wákàtí 41 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Òfin kan yẹ kó wà nínú rósítà tuntun náà: ẹni tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ òru tó gbẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ padà kí wákàtí 24 tó pé, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é lórí fóònù láàárín àkókò yẹn nítorí iṣẹ́.

Ìpàdé ọ̀gá pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan

Rósítà tuntun lè tún bàjẹ́ láàárín oṣù méjì bí ọ̀gá kò bá máa béèrè. Kí mátírọ́ọ̀nù máa jókòó pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì nìkan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kó jẹ́ láàárín àkókò iṣẹ́, kí ẹnì kan sì dúró fún un ní wọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ òru ni wọ́n dá ẹni náà dúró fún ìpàdé, a tún ti fi ẹrù kún ẹrù rẹ̀ nìyẹn.

“Ṣé kò sí?” kì í ṣe ìbéèrè tó dára, nítorí pé “Kò sí, mà” ni ìdáhùn rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta yìí sàn jù: Kí ló wúwo jù nínú iṣẹ́ yín láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn? Ọjọ́ wo lẹ sinmi gbẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò pè yín? Bí mo bá lè gbé nǹkan kan ṣoṣo kúrò lọ́rùn yín, kí lẹ fẹ́ kó jẹ́?

Ká ní nọ́ọ̀sì kan dáhùn pé: “Mà, ìwé ni. Aago méjì ni mo ń ṣíwọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń kọ ìwé títí di aago mẹ́ta ààbọ̀.” Kí mátírọ́ọ̀nù má ṣe sọ pé kó ṣe sùúrù. Kó béèrè èyí tó ń pẹ́ jù nínú ìwé náà. Bó bá rí i pé wọ́n ń kọ ohun kan náà sínú ìwé méjì, kó fagi lé ọ̀kan. Kó kọ ìlérí náà sínú ìwé àjákọ kékeré kan: ohun tó fẹ́ ṣe, ẹni tó máa ṣe é, àti ọjọ́ tó máa parí. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó tẹ̀ lé e.

Nǹkan méjì ló máa ń ba ìpàdé yìí jẹ́. Ọ̀kan ni kí ọ̀gá máa gbọ́ láìṣe ohunkóhun. Bí ìlérí méjì bá yẹ̀ léraléra, àwọn òṣìṣẹ́ yóò padà sí “A wà dáadáa, mà.” Èkejì ni kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ di ohun tí a fi ń kọ ìwé ìbáwí sí wọn. Mátírọ́ọ̀nù náà sì nílò ẹni tí yóò máa bi òun léèrè. Kí onílé ìwòsàn jókòó tì í bákan náà.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí mátírọ́ọ̀nù ka iye wákàtí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gan-an, kì í ṣe iye tí rósítà sọ. Kó ka iye ìgbà tí wọ́n gba ààyè àìsàn, àti iye àkọsílẹ̀ oògùn tó ní àlàfo. Bí wákàtí bá dín kù ṣùgbọ́n tí àlàfo kò dín kù, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ owó oṣù tó ń pẹ́, tàbí kí wọ́n rí i pé a ń ṣe ojúsàájú nínú pípín iṣẹ́ òru. Rósítà nìkan kò lè wo ìwọ̀nyí.

Ọ̀gá kì í ṣe dókítà. Bí àárẹ̀ bá ń bá òṣìṣẹ́ lọ títí kódà lọ́jọ́ ìsinmi, kó lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń fa àárẹ̀. Bí kò bá sí ohun tó dùn mọ́ ọn mọ́, nílé tàbí níbi iṣẹ́, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, kí ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti àwa tó wà nílé, àwa la máa ń kọ́kọ́ rí i pé ẹnì kan ti yí padà. Kí a tó bínú pé kì í dá wa lóhùn mọ́, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í ká bá a ka wákàtí tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó bá jẹ́ 67 la rí, kó kọ iye náà sínú ìwé, kó sì mú un lọ bá ọ̀gá rẹ̀.