Kí ni Kéènì Sọ fún Ébẹ́lì?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka Jẹ́nẹ́sísì 4:8 ní kíláàsì láìfura pé ohun kan kù níbẹ̀. A kà á pé Kéènì bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé nígbà tí wọ́n wà ní oko, ó dìde sí i, ó sì pa á. Ṣùgbọ́n ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀-ìṣe tí a lò níbẹ̀ ni èyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni máa ń tẹ̀ lé: Kéènì wí pé. Kí ni ó wí? Ẹsẹ náà kò sọ.

Àwọn rábì àtijọ́ kò lè kọjá lórí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Midráṣì ni a ń pe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka Ìwé Mímọ́, láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó jẹ mọ́ wíwá àti bíbéèrè. Lójú wọn, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó ṣèèṣì wọ inú Òfin, kò sì sí èyí tí ó ṣèèṣì sọnù. Jẹ́nẹ́sísì Rábà, tí a ṣàkójọ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún, sọ pé àwọn méjèèjì pín ayé: ọ̀kan mú ilẹ̀, èkejì mú ohun tí ó ṣeé gbé. Ẹni tí ó ni ẹrù ní kí èkejì bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀; onílẹ̀ ní kí òun náà fò sókè kúrò lórí ilẹ̀ òun. (Ẹ̀yin òbí tí ẹ ti parí ìjà ogún rí yóò mọ ohùn náà.) Àwọn mìíràn ní obìnrin ni wọ́n ń jà sí.

Èrò kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju ìwọ̀nyí lọ: wọ́n ń jiyàn lórí ilẹ̀ ẹni tí a ó kọ́ Tẹ́ḿpìlì sí. Níbo ni wọ́n ti rí Tẹ́ḿpìlì? Nínú ọ̀rọ̀ náà “oko” ni. Míkà 3:12 sọ pé a ó tu Síónì bí oko. Nítorí náà oko ni Síónì. Àwọn tí ó fi èyí kọ́ni wà láyé lẹ́yìn tí àwọn ará Róòmù ti wó Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70. Wọ́n mọ̀ pé a lè torí ibi mímọ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé òde òní rí àlàfo kan náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè wọn yàtọ̀: kí ni òǹkọ̀wé àkọ́kọ́ kọ? Wọ́n ṣí ìwé Òfin ti àwọn ará Samáríà àti ìtumọ̀ àtijọ́ ní èdè Gíríìkì, wọ́n sì bá a níbẹ̀ pé Kéènì ní kí wọ́n jọ lọ sí oko. Àwọn kan gbà pé adàwékọ ló fo gbólóhùn náà. Àwọn mìíràn fura pé àwọn tó wá lẹ́yìn ló rí àlàfo, tí wọ́n dí i. Wọn kò ní fi Míkà túmọ̀ oko Kéènì, nítorí òǹkọ̀wé mìíràn ni, ó sì ń sọ nípa Jerúsálẹ́mù.

Ibi tí a ti ń ṣìnà ni kí oníwàásù mú ìjà ilẹ̀ náà wá sórí pẹpẹ bí ẹni pé Jẹ́nẹ́sísì ló sọ ọ́. A lè dá midráṣì mọ̀. Ọ̀mọ̀wé a máa wọn ẹ̀rí, kí ó lè sọ èyí tí ó jọ òótọ́ jù; Jẹ́nẹ́sísì Rábà to àwọn ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò sì yan ọ̀kan.