Kí Ló Dé Tí Ẹ̀kọ Funfun Yìí Ń Pòórá Lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹni tó bá ti pọn omi Odò Ọya nígbà òjò ní Lọ́kọ́ja níbí mọ bó ṣe máa ń dọ̀tí tó. Bí a bá fi álúmù díẹ̀ sí i, tí a rò ó, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á dì mọ́ ẹrẹ̀, wọn á jọ rọ̀ sísàlẹ̀, omi á sì mọ́. Álúmíníọ̀mù haidirọ́ksáidì, Al(OH)₃, ni ohun náà.

Ẹ jẹ́ ká wò ó nínú láàbù. Ẹ bu omi álúmù sínú tẹ́sì túùbù, kí ẹ máa kán NaOH sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa mì í. Ohun funfun á yọ, á ki bí ẹ̀kọ. Ẹ má dúró o! Ẹ tún máa kán an: ẹ̀kọ náà á yòrò, omi á mọ́ kedere. Ẹ wá kán HNO₃ tí a fi omi là sí i: ẹ̀kọ yẹn á padà wá. Bí ẹ bá ń kán an lọ, á tún yòrò.

Ṣáàjì ló fà á. Nínú ásíìdì, Al³⁺ ló wà níbẹ̀. Omi máa ń rọ̀gbà yí ohun tó ní ṣáàjì ká, kì í jẹ́ kó rì. Bí OH⁻ mẹ́ta bá so mọ́ ọn, mẹ́ta pa mẹ́ta, ṣáàjì di òdo. Àwọn tí kò ní ṣáàjì wọ̀nyí á wá lẹ̀ mọ́ra wọn, wọn á rì. Ṣùgbọ́n bí OH⁻ bá pọ̀ jù, ìkẹrin á so mọ́ ọn, á di [Al(OH)₄]⁻. Ṣáàjì ti padà dé, ló bá yòrò.

Nítòsí pH 6 sí 7 ni kì í ti fẹ́ yòrò. Ní ìhà ásíìdì, bí pH bá fi 1 wálẹ̀, OH⁻ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nítorí pé OH⁻ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ kàn, ohun tó lè yòrò á di ìlọ́po 10 × 10 × 10, ìyẹn 1,000. Ní ìhà bésì, OH⁻ kan péré ló kù láti so, nítorí náà ìlọ́po 10 ni fún pH 1 kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi álúmù tún omi ṣe fi ń ṣọ́ pH: bó bá ṣì, ẹrẹ̀ ò ní rọ̀ dáadáa, álúmíníọ̀mù á sì bá omi lọ.

Síńkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Zn(OH)₂ ni ẹ̀kọ tirẹ̀, [Zn(OH)₄]²⁻ ló sì ń dà nínú NaOH tó pọ̀. Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Ẹ lo omi amóníà. Bó ti wù kó pọ̀ tó, ẹ̀kọ álúmíníọ̀mù ò ní yòrò, nítorí OH⁻ inú amóníà kéré. Ti síńkì á yòrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe OH⁻ ló ṣe é: NH₃ fúnra rẹ̀ ló dì í mú, tó di [Zn(NH₃)₄]²⁺. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í kọ.

Àṣìṣe kejì: ẹni tó bá da NaOH lẹ́ẹ̀kan náà á fo ẹ̀kọ kọjá, á wá kọ pé òun ò rí nǹkan kan. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, kán HNO₃ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ohun funfun bá yọ, ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ ló yá jù.